Nígbà tí Ọmọ bá Tó Jókòó sí Póò



Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹni tí a tọ́ dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò tíì rí bí ìyá àgbà ṣe ń gbé ọmọ ọwọ́ yàgbẹ́. Ìyá àgbà á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á gbé ìdí ọmọ lé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì máa fi ẹnu ṣe “ṣìì, ṣìì” títí ọmọ yóò fi tọ̀ tàbí tí yóò fi yàgbẹ́. Bí a bá ń ṣe èyí lójoojúmọ́, nígbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí àti nígbà tí ó bá mu ọmú tán, ọmọ oṣù 6 lè wà láti àárọ̀ di ọ̀sán kí ìlédìí rẹ̀ má tutù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni a ti ń ṣe é. Ní ọdún 1977, àwọn olùwádìí tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn ìyá ẹ̀yà Dígò ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n bímọ, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wọn kì í sì í sábà tọ̀ sára mọ́ bí wọ́n bá ti tó oṣù 5 tàbí 6.

Ìdí nìyí tí ìyá àgbà fi ń sọ pé, “Ọmọ tèmi kò tíì pé ọdún kan tí ó ti mọ ibi tí à ń yàgbẹ́ sí.” Ìyá àgbà kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ó mọ̀ ọ́n nínú àwọn méjèèjì? Ìyá ni ó mọ̀ ọ́n. Òun ni ó ń wo ojú ọmọ, òun ni ó mọ ìgbà tí ọmọ ń fún inú, òun ni ó sì ń gbé e. Ọmọ náà kò tíì lè sọ fún ara rẹ̀ pé, “Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, n ó mú un mọ́ra títí n ó fi dé ẹ̀yìnkùlé.” Nígbà tí ọmọ bá wá ń rìn, tí ó ń sáré kiri, tí kò sí lẹ́yìn ìyá rẹ̀ mọ́, ẹni tí ń bá a ka àmì kò sí nítòsí mọ́, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára bí ẹni tí kò kọ́ ọ rí. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń rò pé ọmọ ti gbàgbé ni, tàbí pé ó ń ṣe orí kunkun. Kò gbàgbé. Ẹ̀kọ́ mìíràn ni ó kàn, ẹ̀kọ́ tí ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe é. Gbígbé tí ẹ ń gbé ọmọ ọwọ́ yàgbẹ́ dára, ẹ má fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kejì yìí ni a fẹ́ bá yín sọ.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ARA ỌMỌ

Àpò ìtọ̀ dà bí ìgò rọ́bà tí ó lè fẹ̀. Ní ara ọmọ ọwọ́, bí ó bá ti kún dé ìwọ̀n kan, yóò fún ara rẹ̀ jáde láìjẹ́ pé ọmọ mọ̀. Díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ti ń dàgbà, ìròyìn kíkún àpò yìí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọpọlọ rẹ̀. Ìgbà tí ìròyìn náà ń dé kò bá ti ẹlòmíràn dọ́gba: ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí láàárín oṣù 18 sí ọdún 3, kò sì sí bí ìyá ṣe lè fi ìkánjú mú un yá.

Nǹkan 3 ni ọmọ ní láti lè ṣe. Àkọ́kọ́, kí ó mọ̀ ọ́n lára pé ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ̀. Èkejì, kí ó lè mú un mọ́ra díẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó lè jọ̀wọ́ rẹ̀ ní ibi tí a fẹ́ kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀ sí. Ẹ̀kẹta yìí ni àwọn àgbàlagbà máa ń gbójú fò, òun ni ó sì nira jù lọ. Ẹ̀yin náà ẹ wo ara yín: bí ẹnìkan bá dúró tì yín pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́, tí ó ní kí ẹ yàgbẹ́ nísinsìnyí, ṣé yóò jáde? Ẹran ara tí ó yí ojú ìdí ká máa ń dì pọ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá bani. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń dẹ́rù ba ọmọ lórí póò ń ti ilẹ̀kùn tí ó fẹ́ kí ó ṣí. Ohun tí a óò sọ nísàlẹ̀ nípa ọmọ tí ń pa ìgbẹ́ mọ́ra, láti ibí ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń MỌ̀ PÉ ỌMỌ TI TÓ

Ẹ má ṣe fi ọjọ́ orí nìkan wọn ọmọ, ẹ má sì fi ọmọ ará ilé kejì wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ọjọ́ 3 tàbí 4 ṣọ́ ọ láìsọ nǹkan kan. Ẹ máa fọwọ́ kan ìlédìí rẹ̀ bí wákàtí kọ̀ọ̀kan bá ti ń kọjá. Bí ẹ bá rí i pé ó lè gbẹ fún nǹkan bíi wákàtí 2, tàbí pé ó sùn lọ́sàn-án tí ó sì jí láìtọ̀ sára, àpò ìtọ̀ rẹ̀ ti ń lè gba nǹkan dúró nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ìtọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni ó ń tọ̀ ṣáá, tí kò gbẹ rárá, kò tíì tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìṣe rẹ̀. Ọmọ tí ó ti ń mọ̀ ọ́n lára á ṣàdédé dákẹ́ nínú eré, á lọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tàbí ẹ̀gbẹ́ àga, á lóṣòó, ojú rẹ̀ á sì pọ́n díẹ̀. Òmíràn á di ìdí rẹ̀ mú. Òmíràn á wá bá yín lẹ́yìn tí ó ti tọ̀ sára tán, á ní, “Màmá, ìtọ̀.” Ibí ni ọ̀pọ̀ ìyá ti máa ń ṣe àṣìṣe, wọ́n á ní, “O wá ń sọ ọ́ nígbà tí o ti tọ̀ ọ́ tán!” Wọ́n á sì bú u. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bú u. Ọmọ kan kì í mọ ohun tí ń bọ̀ kí ó tó mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, yóò sọ lẹ́yìn tí ó bá tọ̀ tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, yóò máa sọ nígbà tí ó ń tọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìgbẹ̀yìn ni yóò máa sọ kí ó tó tọ̀. Bí ẹ bá bú u nígbà tí ó wà ní ipele àkọ́kọ́, ohun tí yóò kọ́ ni pé kò dára láti sọ fún yín.

Ó tún yẹ kí ọmọ lè rìn dáadáa, kí ó lè jókòó sórí àpótí kékeré kí ó sì dìde fúnra rẹ̀, kí ó lè fa pátá rẹ̀ wálẹ̀, kí ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣókí bíi “Lọ gbé bàtà rẹ wá.” Kò pọn dandan kí ọ̀rọ̀ yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá lè fi ọwọ́ júwe ìdí tàbí kí ó pe orúkọ kan tí gbogbo ilé mọ̀, ó tó.

Ní ọdún 1962, Dókítà T. Berry Brazelton, oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn ọmọ tí wọ́n lé ní 1,000 tí wọ́n dúró de àmì lára wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ṣírò gbogbo wọn pọ̀, nǹkan bí oṣù 28 sí 29 ni wọ́n mọ póò lójú ọ̀sán. Kì í ṣe òfin ni èyí fún ọmọ yín, ṣùgbọ́n ó lè fi ọkàn ìyá tí ọmọ rẹ̀ pé ọdún 2 láìmọ póò balẹ̀.

Àwọn àkókò kan wà tí kò yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ tilẹ̀ ti tó: nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò rẹ̀, nígbà tí ẹ ń já a lẹ́nu ọmú, nígbà tí ẹ ń kó kúrò nílé, tàbí nígbà tí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀. Ẹ fi oṣù kan sí i. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ bí ìgbẹ́ ọmọ bá le; ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn títí yóò fi rọ̀, nítorí ọmọ tí ó bá dùn nígbà tí ó kọ́kọ́ yàgbẹ́ sí póò yóò rò pé póò ni ó ṣe é léṣe.

BÍ A ṢE Ń BẸ̀RẸ̀

Póò rọ́bà kékeré tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni ó dára jù. Nígbà tí ọmọ bá jókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí orúnkún rẹ̀ sì ga díẹ̀ ju ìbàdí rẹ̀ lọ, bí ẹni tí ó fẹ́ lóṣòó. Báyìí ni ìgbẹ́ ń rí ọ̀nà jáde. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì lókè kò lè fún inú. Bí ó bá jẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníjókòó ti àwọn àgbà ni ẹ fẹ́ kí ó lò, ẹ wá àpótí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ti ṣáláńgá, ẹ má ṣe gbé ọmọ kékeré lé ojú ihò. Ó ń rí òkùnkùn ìsàlẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn ohun tí ó jábọ́, ẹ̀rù á sì bà á pé òun náà yóò já sí i. Ẹ̀rù náà kò burú, nítorí ó ṣeé ṣe kí ọmọ já sí i lóòótọ́. Kí ó lo póò, kí ẹ sì da ohun inú rẹ̀ sí ṣáláńgá.

Ẹ gbé póò sí ibi tí ọmọ ń rí i fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó jókòó sí i pẹ̀lú aṣọ lára bí ó bá fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yan àkókò kan lóòjọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ ni ó dára jù, nítorí bí oúnjẹ bá ti wọ inú, ìfun ńlá a máa jí, a sì máa ti ohun tí ó wà nínú rẹ̀ síwájú láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ẹ bọ́ pátá rẹ̀, kí ó jókòó, kí ẹ̀yin náà jókòó tì í. Ìṣẹ́jú 3 sí 5 ti tó. Bí nǹkan jáde, ẹ sọ ọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́: “O ti yàgbẹ́ sí póò. O ṣeun.” Bí kò jáde, ẹ ní, “Ó tì, yóò di ìgbà mìíràn,” kí ẹ sì gbé e dìde. Ẹ má dè é mọ́ ọn, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹ má sì fi í sórí rẹ̀ kí ẹ máa lọ ro ẹ̀kọ lórí iná. Bí ó bá fẹ́ dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kí ó dìde.

Ọmọkùnrin pẹ̀lú, kí ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìjókòó fún ìtọ̀ àti ìgbẹ́. Dídúró tọ̀ yóò dé nígbà tí ó bá yá. Pátá tí ó ní rọ́bà ní ìbàdí ni kí ẹ wọ̀ fún un, kì í ṣe ṣòkòtò onídè. Ìgbẹ́ ọmọdé kò mọ́ ju ti àgbàlagbà lọ, bí ó ti wù kí a máa sọ pé ti ọmọ kò ní nǹkan nínú. Inú ṣáláńgá tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ó lọ, kì í ṣe ààtàn, kì í sì í ṣe gọ́tà. Kí ìyá àti ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

BÍ ỌMỌ BÁ TỌ̀ TÀBÍ YÀGBẸ́ SÁRA

Yóò ṣẹlẹ̀. Ọmọ tí ó mọ póò ní oṣù tí ó kọjá yóò tọ̀ sára lónìí nítorí pé eré dùn, tàbí àlejò dé, tàbí ó ń tutù. Ohun tí ẹ óò sọ kò gbọdọ̀ ju gbólóhùn 2 lọ: “Pátá rẹ ti rin. Jẹ́ kí a lọ pààrọ̀ rẹ̀.” Kí ó bá yín mú pátá tí ó rin sínú garawa, kì í ṣe láti fìyà jẹ ẹ́, bí kò ṣe pé ó jẹ́ apá kan iṣẹ́ náà, bí ìgbà tí ó ń bá yín kó abọ́. Kí ohùn yín má yàtọ̀ sí ìgbà tí omi bá dà sílẹ̀. Ẹ má ṣe bi í pé, “Kí ló dé tí o fi ṣe é?” Kò mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì ṣe pe àwọn ẹlòmíràn wá wò ó.

Ẹ má ṣe fi omi dù ú lọ́sàn-án nítorí kí ó má baà tọ̀. Omi tí ó kéré ń mú ìgbẹ́ le, ó sì ń mú ìtọ̀ ki tí yóò fi máa ta ọmọ. Dípò èyí, ẹ máa rán an létí nígbà tí ó bá jí, kí ẹ tó jáde nílé, àti kí ó tó lọ sùn. Bí pátá 4 tàbí 5 bá ń rin lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ náà ń sọ fún yín pé kò tíì yá. Ẹ dá ìlédìí padà, kí ẹ sì dúró fún oṣù 1 tàbí 2. Kì í ṣe ìjákulẹ̀.

A gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ òru lọ́tọ̀. Mímọ póò lọ́sàn-án àti àìtọ̀ọ́lé lóru kì í ṣe ohun kan náà. Lóru, ọmọ kò pinnu nǹkan kan, ó sùn. Ọpọlọ ní láti máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí kíndìnrín pé kí ó dín ìtọ̀ kù lóru, kíkún àpò ìtọ̀ sì ní láti lè jí ọmọ. Ó pẹ́ kí àwọn méjèèjì tó pé lára ọmọ mìíràn. Nínú ọmọ ọdún 5 bíi 100, nǹkan bíi 15 ṣì ń tọ̀ sílé. Bí bàbá tàbí ìyá bá tọ̀ ọ́lé pẹ́ nígbà èwe rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. (Ẹ bi ìyá ọkọ yín léèrè, ó mọ̀ ọ́n.) Nítorí náà, gbígbé ẹní tí ó rin lé ọmọ lórí kí ẹgbẹ́ rẹ̀ máa kọrin “atọ̀ọ́lé” tẹ̀ lé e, síso ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọn nídìí, tàbí fífi ata sí i lójú ara, kò sí èyí tí ó kan kíndìnrín tàbí oorun rẹ̀. Ata yóò bó o lára, ìtìjú yóò sì mú kí ó fi aṣọ tí ó rin pamọ́. Ẹ tẹ́ rọ́bà sábẹ́ aṣọ ìbùsùn, kí ó tọ̀ kí ó tó sùn, kí ẹ sì máa retí.

ỌMỌ TÍ Ń PA ÌGBẸ́ MỌ́RA

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan, nítorí irú rẹ̀ wọ́pọ̀ ní ilé ìwòsàn, a sì ń ṣì í mú. Ọmọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ ọdún 2 àti oṣù 9. Ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ lọ́jà. Ìyá àgbà ń bá a gbé. Ọmọ náà ti ń tọ̀ sí póò fún oṣù kan. Nígbà tí ó wọ jẹ́lé-ó-sinmi, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ìlédìí. Ní ọjọ́ kan, ìgbẹ́ rẹ̀ le, ó dùn ún, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì hàn lára rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n ọ́n, ó rántí ìrora yẹn, ó mú un mọ́ra, títí tí ó fi bọ́ sí i lára níbi eré. Olùtọ́jú kan mú un dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Láti ọjọ́ náà, bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́n, yóò sá lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, yóò nàró lórí ìka ẹsẹ̀, yóò lọ́ itan mọ́ itan, ara rẹ̀ yóò le gan-an, ojú rẹ̀ yóò sì pọ́n. Ìyá àgbà rò pé ó ń fún inú ni, ó ń kí i pé kí ó túbọ̀ ṣe é. Kì í ṣe pé ó ń tì í jáde. Ó ń dá a dúró ni. Ọmọ tí ó bá fẹ́ yàgbẹ́ a máa lóṣòó; èyí tí ó bá nàró ṣánṣán tí ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó ń pa á mọ́ra.

Ọjọ́ 5 kọjá. Ìgbẹ́ tí ó bá pẹ́ nínú ìfun, ara yóò máa fa omi inú rẹ̀, yóò sì máa le sí i, yóò máa tóbi sí i. Ìfun tí ó wà lókè ìdí yóò fẹ̀ láti gbà á, bí ó bá sì fẹ̀ pẹ́, kò ní máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ọpọlọ mọ́ pé nǹkan wà nílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìgbẹ́ tuntun tí ó ṣàn bí omi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó le kọjá, tí ó ń ta sí pátá ọmọ náà nígbà 6 tàbí 7 lóòjọ́. Kò mọ ìgbà tí ó ń jáde. Ìtọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí i lára, nítorí pé ìfun tí ó kún ń tẹ àpò ìtọ̀.

Ìyá rí omi ìgbẹ́, ó ní ìgbẹ́ gbuuru ni. Ìyá àgbà ní kí wọ́n dá èso àti ẹ̀fọ́ dúró, kí wọ́n máa fún un ní ẹ̀kọ àti ìrẹsì nìkan. Ìgbẹ́ inú túbọ̀ le. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í nà án, nítorí ó ń bi í pé, “Ṣé o ti yàgbẹ́ sára?” ọmọ á sì ní, “Rárá,” nígbà tí òórùn ti gba ilé. Ọmọ náà kò purọ́. Kò mọ̀ ni.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó sì kan ohun líle kan ní apá òsì nísàlẹ̀. Ó bi ìyá léèrè ìgbà tí ọmọ yàgbẹ́ gidi kẹ́yìn, bí ó ti tóbi tó, àti bí ó ti ń dúró. Dókítà fún un ní oògùn olómi tí ń mú ìgbẹ́ rọ̀, tí a ń pè ní láktúlóòsì, ní ìwọ̀n tí ó bá ara rẹ̀ mu. Wọ́n kìlọ̀ fún ìyá pé kí ó má fi rọ́bà fín omi àgbo tàbí ọṣẹ sí ọmọ nídìí, nítorí ó lè pa ìfun lára, ó sì ń fi ìrora mìíràn kún èyí tí ọmọ ń sá fún.

Ohun tí ó ya ìyá lẹ́nu ni pé wọ́n ní kí ó gbé póò pamọ́, kí ó sì dá ìlédìí padà. Ọ̀sẹ̀ 3 ni ó fi wà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ń yàgbẹ́ sí ìlédìí lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀. Oúnjẹ rẹ̀ padà sí ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ àti ọsàn, pẹ̀lú omi mímu dáadáa. Wọ́n dín wàrà agolo tí ó ń mu lọ́pọ̀lọpọ̀ kù. Bàbá rẹ̀ lọ bá àwọn jẹ́lé-ó-sinmi sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí ìgbẹ́ ti ń jáde ní rírọ̀ lójoojúmọ́ láìsí ẹkún, wọ́n gbé póò padà síta láìsọ nǹkan. Ọmọ kọ́kọ́ jókòó sí i pẹ̀lú ìlédìí nídìí, ó sì yàgbẹ́ sínú ìlédìí náà. Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n bọ́ ìlédìí. Ó tó oṣù 2 kí ó tó máa lo póò déédéé, ó sì tún yàgbẹ́ sára nígbà mélòó kan láàárín rẹ̀.

Wọn kò dá oògùn dúró nígbà náà. Ìfun tí ó ti fẹ̀ kì í padà sí ìwọ̀n rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan. Oṣù mélòó kan ni, dókítà ni ó sì ń dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀. Bí ìyá bá dá a dúró fúnra rẹ̀ nígbà tí ó rí ìgbẹ́ rírọ̀, ìgbẹ́ yóò tún le, ìrora yóò tún dé, ọmọ yóò sì tún padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ LỌ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN

Ẹ gbé ọmọ lọ bí ó bá ń sunkún nígbà tí ó ń tọ̀, bí ibà bá wà pẹ̀lú rẹ̀, tàbí bí ìtọ̀ bá ní ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí ń wẹ̀ nínú odò lè ti kó kòkòrò ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ níbẹ̀, oògùn rẹ̀ sì wà. Ẹ tètè lọ bí ìtọ̀ ọmọkùnrin bá ń kán tótó dípò kí ó máa ta jáde, bí ìtọ̀ ọmọ kankan bá ń ro láìdánu dúró lọ́sàn-án àti lóru, tàbí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá lágbára. Bí ọmọ tí ó ti gbẹ fún oṣù 6 bá ṣàdédé tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára, ó ní ìdí: ó lè jẹ́ àìsàn ojú ìtọ̀, ó lè jẹ́ ìgbẹ́ líle, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan ń dẹ́rù bà á níbì kan. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń mu omi lámujù, tí ó ń tọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, tí ó sì ń rù, ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí àtọ̀gbẹ a máa mú ọmọdé pẹ̀lú. Bí ọmọ bá ti pé ọdún 4 tí kò tíì lè gbẹ lọ́sàn-án, tàbí tí ó bá lo ọjọ́ 3 láìyàgbẹ́ léraléra, ẹ má dúró mọ́.

Kí ẹ tó lọ, ẹ fi ọjọ́ 3 kọ ọ́ sórí ìwé: ìgbà tí ọmọ tọ̀, ìgbà tí ó yàgbẹ́, bí ó ti le tàbí rọ̀ tó, ohun tí ó jẹ àti ohun tí ó mu. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fi òkúta kéékèèké sínú ago 2, ọ̀kan fún póò, ọ̀kan fún pátá. Ẹ gbé e dání lọ bá nọ́ọ̀sì.